Ìta gbóná, inú tutù nini: bí a ṣe tún àkọmọ̀nà ẹlẹ́rìndòdò kan dá ní èdè mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni àkọmọ̀nà tí wọ́n gbé wá fún wa: "Keep your cool." Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, fún ẹlẹ́rìndòdò tuntun kan tí wọ́n fẹ́ gbé jáde, wọ́n sì fẹ́ kí ti Yorùbá àti ti Haúsá bá a jáde lọ́jọ́ kan náà. Ìwé àlàyé iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ là á mọ́lẹ̀ pé ìtúmọ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní bó ṣe ń ṣe ẹni tó gbọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni kó máa ṣe ẹni tó gbọ́ ọ ní èdè méjèèjì yòókù. Àtúndá ni a máa ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ti Yorùbá lé lọ́wọ́, Hájíà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu kíkọ ìpolówó rédíò ní Haúsá ló mú tiwọn, a sì jọ ń ṣe é pọ̀ ni, ká má baà já sí ọ̀nà méjì tí kò mọra.

Ẹni tó kọ ti Gẹ̀ẹ́sì yẹn mọṣẹ́. "Cool" tó wà níbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ó jẹ́ títutù ohun mímu. Ó tún jẹ́ ìfarabalẹ̀ ẹni tí wọn kò lè mú bínú. Ó sì tún jẹ́ ìwà ọmọ tó gbáfẹ́, tí ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀. Ìró kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ àti ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, fáwẹ̀lì tó gbẹ̀yìn sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí akọrin lè fà á títí. Bí èèyàn bá wò ó báyìí, ẹ̀rù á bà á, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó ru ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ti Haúsá.

Kí n tó wá ọ̀rọ̀ kankan, mo máa ń kọ́kọ́ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mélòó kan sílẹ̀ ní Yorùbá tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára. Ta ló ń sọ gbólóhùn yìí? Ta ló ń sọ ọ́ fún? Kí ló ti ṣẹlẹ̀ kó tó la ẹnu? Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí bó ṣe ń sọ ọ́? Ohun tí mo kọ nìyí: ọ̀rẹ́ ló ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe àgbà sí ọmọ. Nǹkan kan wà nítòsí tó ń gbóná, bóyá oòrùn ni, bóyá èèyàn ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀, kò sì gbani níyànjú. Ìwé kékeré yìí ni mo fi ń wọn gbogbo ohun tí a bá kọ lẹ́yìn náà. Bí gbólóhùn kan bá dùn létí ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bàbá ló ń sọ ọ́ fún ọmọ, kò kún ojú ìwọ̀n.

Ìwọ̀n yìí ló gbá èyí tó pọ̀ jù dànù lára ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn. "Pa òtútù rẹ mọ́" kò tilẹ̀ ṣeé fi ṣeré, nítorí òtútù tí èèyàn ń pa mọ́ sára, àìsàn ni. "Fara balẹ̀" tọ́ ní ìtumọ̀, àmọ́ ohùn olùkọ́ tí ọmọ kíláàsì ń pariwo mọ́ lórí ló wà nínú rẹ̀. "Ṣe sùúrù" ń rùn ìwàásù. "Má bínú" ló burú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló sún mọ́ ìtumọ̀ jù lọ: ẹ̀bẹ̀ ni a máa ń fi í bẹ̀ ẹni tí a ṣẹ̀. Kí ìgò ẹlẹ́rìndòdò dúró lórí pátákó ìpolówó kó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá, kí ló ṣe fún wọn?

Nígbà tí mo ka ìwọ̀nyí sí Hájíà létí, wọ́n ní ibi kan náà ni wọ́n ti ń kọsẹ̀. "Ka riƙe sanyinka" ni òtútù tí èèyàn dì mú bí ẹni di àìsàn mú. "Ka yi haƙuri" ni sùúrù, òun náà sì ni Haúsá fi ń bẹ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. A rí i pé bí èdè méjì tí kò bára tan bá kọsẹ̀ síbi kan náà báyìí, ọ̀nà tí a gbà wọlé ni kò dáa. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n wa.

Òtútù fúnra rẹ̀ tún ní ẹ̀yìn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó tutù lè jẹ́ ohun tó wuni. Ní Yorùbá, ó dá lórí ibi tí o bá gbé títutù náà sí. Tí mo bá ní ara ẹnìkan tutù, ó lè jẹ́ pé kò ní ìtara mọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó ti kú. "Mo tutù" lásán, bóyá òjò ló pa mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní inú ẹnìkan tutù, ìwà pẹ̀lẹ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìyìn ni. Haúsá náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. "Jikinsa ya yi sanyi" ni pé ara rẹ̀ tutù, ìyẹn ni pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. "Na ji sanyi a raina" ni pé mo gbọ́ tútù nínú ẹ̀mí mi, ìyẹn ni pé ara tù mí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni "sanyi" tó wà nínú méjèèjì, ibùgbé rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Hájíà tún kìlọ̀ nípa ohun kan tí ẹni tó kàn gbọ́ Haúsá díẹ̀díẹ̀ kò lè mọ̀. "Sanyi" ni wọ́n tún ń pe oríṣi àìsàn kan tí èèyàn kì í sọ ní gbangba, àwọn tó ń ta oògùn rẹ̀ sì ń polówó "maganin sanyi" kiri. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dá dúró gàdàgbà lórí pátákó láìsí ohun tó tì í lẹ́yìn, ẹnìkan á rò pé oògùn la ń tà. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé "sanyi" kò gbọdọ̀ dá rìn. "A rai" gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe mọ ibi tí títutù yóò jókòó: inú fún Yorùbá, "rai" fún Haúsá. Inú mi sì dùn sí "inú" gan-an, nítorí eré ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi "cool" ṣe, Yorùbá lè fi "inú" ṣe é. Inú ni ohun mímu ń lọ. Inú náà ni ìbínú àti ayọ̀ ń gbé: inú ló ń bí èèyàn, inú ló ń dùn. Tí mo bá ní "inú tutù", ikùn tó mu ohun tútù wà níbẹ̀, ìwà tí kò ru sókè náà sì wà níbẹ̀. Eré ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí títutù, ó ti bọ́ sórí ibi tí títutù ń gbé. Irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀ kò burú rárá nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tó burú ni kí èèyàn máa fi ipá wá eré ọ̀rọ̀ sójú ibi tí èdè àkọ́kọ́ ti ṣe é.

Mo fi "nini" sí i, nítorí títutù tí kò ní "nini" lè jẹ́ ti ọbẹ̀ tí a gbàgbé sórí tábìlì. "Inú tutù nini." Mo kà á, mo tún un kà, ó dùn. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbé e sórí ìwé kékeré mi, ó ṣì kù díẹ̀. Ìfarabalẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ìgbéraga díẹ̀ tó wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì kò sí. Ẹni tí inú rẹ̀ tutù nínú yàrá tó dákẹ́, kí la fẹ́ yìn ín fún?

Ibẹ̀ ni mo ti padà sórí Gẹ̀ẹ́sì náà, tí mo sì rí i pé orí "cool" ni gbogbo wa ti ń tẹjú mọ́, nígbà tó jẹ́ pé "keep" ló gbé ìmọ̀lára náà dání. A kì í sọ fún èèyàn pé kó di nǹkan mú bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti gbà láìsọ pé ooru wà, pé ariwo wà, pé nǹkan kan ń wá ọ̀nà láti gba ìfarabalẹ̀ rẹ. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní láti rò ó, àṣà ìsọ̀rọ̀ èdè náà ti bá a rò ó. Àwa kò ní irú gbólóhùn àjogúnbá bẹ́ẹ̀ tó ní ooru nínú ikùn rẹ̀, torí náà ooru tí Gẹ̀ẹ́sì fi pamọ́, àwa ní láti dárúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1929, Coca-Cola bẹ̀rẹ̀ sí í fi "The pause that refreshes" polówó ọjà: ìsinmi ráńpẹ́ tó ń tuni lára. Nígbà tí ìpolówó náà dé èdè Jámánì láàárín ọdún 1950 sí 1959, "Mach mal Pause" ló dà, ìyẹn ni pé, sinmi díẹ̀ ná. Títuni lára ti lọ pátápátá. Ohun tó kù ni ọwọ́ tí ọ̀rẹ́ gbé lé èjìká ẹni tó ti ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ á sọ pé wọ́n ti gé e kúrú. Lójú tèmi, wọ́n mọ ohun tó yẹ kí wọ́n mú dání àti ohun tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀. Tiwa lọ sí ọ̀nà òdìkejì, nítorí fífi kún un ló tọ́ sí wa, àmọ́ ìbéèrè kan náà ló bí méjèèjì.

Wíwá orúkọ fún ooru wá di iṣẹ́ gidi. Yorùbá ní oríṣiríṣi ohun tó ń gbóná, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ṣeé fọwọ́ kàn. "Ilẹ̀ gbóná" ní àrùn ìgbóná nínú, àwọn àgbàlagbà kò ní rẹ́rìn-ín sí i. "Ìlú gbóná" ni rògbòdìyàn, ìgbà tí onílé ń ti ilẹ̀kùn. "Ayé gbóná" ni ìṣòro àìrówóná, ó sì máa ń mú kí èèyàn kẹ́dùn dípò kó rẹ́rìn-ín. "Oòrùn mú" kò ní ewu, ṣùgbọ́n oòrùn nìkan ló sọ, kò sọ nípa ọ̀gá tó ń pariwo tàbí awakọ̀ tó ń bú èèyàn. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni "ìta" jáde. Ìta ni òdìkejì inú. Ooru ọ̀sán wà níta, wàhálà àwọn ẹlòmíràn náà wà níta. Bí mo ṣe kọ ọ́ tán báyìí, kò sí ohun tó kù láti fi kún un:

"Ìta gbóná, inú tutù nini."

Mo fi ránṣẹ́ sí Hájíà pẹ̀lú àlàyé, mi ò ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n pè mí padà.

"Ṣé o mọ̀ pé Haúsá náà ní i?" ni wọ́n wí. "Zafi ni ooru. Ẹni tó máa ń tètè bínú, zafin rai la ń sọ pé ó ní, ooru ẹ̀mí. Ooru àti tútù ti ń bára wọn jà lórí rai tipẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ, Hájíà."

"Zafi a waje, sanyi a rai."

Ooru níta, tútù nínú ẹ̀mí. Mo bi wọ́n ìdí tí wọn kò fi lo "ciki", tó jẹ́ inú gan-an, kí ó lè bá tèmi dọ́gba. Wọ́n ní "ciki" ni inú lóòótọ́, òun náà sì ni oyún, àti pé bí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin bá wà nínú àwòrán ìpolówó náà, àwọn kan á fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Ìdọ́gba tí a ń wá kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. "Sanyi a rai" ni ohun tí Haúsá ń sọ nígbà tí ara bá tù ú, kò sì sí ìdí tí a ó fi fi í sílẹ̀ nítorí kí ìwé wa lè gún régé.

Gbólóhùn méjèèjì tún yanjú ìṣòro kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ pé ó wà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé "your", kò bèèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Yorùbá á bèèrè bóyá "rẹ" ni tàbí "yín". Pátákó tó ń sọ "rẹ" ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ìyá àgbà tó ń rà á fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Pátákó tó ń sọ "yín" ti di ìkéde ìjọba. Haúsá kò bèèrè ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin: "ka" fún ọkùnrin, "ki" fún obìnrin. A lè sá sábẹ́ "ku", tó wà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ti di ọ̀rọ̀ sí àwùjọ. Nínú ohun tí a kọ, kò sí "rẹ", kò sí "yín", kò sí "ka", kò sí "ki". A ò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan ń sọ bí nǹkan ṣe rí fún un ni, ẹni tó bá wù á lè gbà á sí tirẹ̀.

Orin ló kù, orin ni mo sì máa ń bẹ̀rù jù fún Yorùbá. Orin ìpolówó ti Gẹ̀ẹ́sì ti wà nílẹ̀: ìró mẹ́ta tó ń gòkè, dò, re, mí, tí èyí tó kẹ́yìn gùn. Wọ́n fẹ́ kí ìró mẹ́ta yẹn wà nínú gbogbo èdè, nítorí òun ni etí fi ń dá ọjà náà mọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìró orin lè gòkè tàbí kó sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ní yí padà. Ní Yorùbá, tí orin bá ti gba ọ̀nà tirẹ̀ tí ohùn ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn lo kọ. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ti ní kí a dán wò ni "Ọkàn mi tutù". Bọ̀dá tó ń ṣe orin náà tẹ̀ ẹ́ sórí dùùrù, a sì jọ gbọ́ ọ: "ọkàn" lórí dò àti re di "ọ̀kan". Ọ̀kan mi tutù. Ọ̀kan nínú kí ni?

"Ìta gbóná" yàtọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè, ohùn òkè: dò re mí mí. Orin tí wọ́n ti kọ fún Gẹ̀ẹ́sì ti wà nínú ẹnu Yorùbá kí a tó kọ ọ́. Bọ̀dá kàn ṣe mí tó kẹ́yìn ní méjì ni. Fún apá kejì, wọ́n kọ orin tuntun tó tẹ̀lé ohùn náà, re mí re dò re re, ó sì sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bó ṣe yẹ kí ìtura sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ fa "nini" gùn bí wọ́n ti fa "cool", mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fà á. Ìró "i" kì í yanu tó, tí a bá fà á ó máa ń há sí imú. Ohun tí Yorùbá máa ń ṣe tí ó bá fẹ́ kí nǹkan pọ̀ ni pé kó tún un sọ, nítorí náà a ní kí àwọn ègbè máa dáhùn "nini, nini" ní kúkúrú. Lílé ni "Ìta gbóná", ègbè ni "inú tutù nini". Ti Haúsá kò wàhálà tó bẹ́ẹ̀: "rai" ló kẹ́yìn, ìró rẹ̀ gùn, ó sì yanu, ó jókòó sórí ìró gígùn yẹn bí ẹni pé ìjókòó tirẹ̀ ni.

Ohun kékeré kan wà tí àwọn tó ń ya àwòrán lébẹ́ẹ̀lì máa ń dúpẹ́ fún. Fọ́ńtì tí oníbàárà yàn jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè Yúróòpù. Kò ní ẹ tàbí ọ tó ní àmì nísàlẹ̀, kò sì ní ɗ tàbí ƙ ti Haúsá. Nínú "Ìta gbóná, inú tutù nini", ohùn nìkan ni àmì tó wà níbẹ̀, ì, ó, á, ú, ù, gbogbo wọn sì wà nínú fọ́ńtì náà. "Zafi a waje, sanyi a rai" kò ní lẹ́tà oníkọ́ kankan. Mi ò ní yan gbólóhùn tí kò dáa nítorí fọ́ńtì, kí wọ́n wá fọ́ńtì mìíràn ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí pátákó ńlá tí àmì abẹ́ ọ̀ ti já bọ́ sí ibòmíràn, inú mi sì dùn pé èyí kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Kí a tó gbé e fún oníbàárà, a dán an wò létí àwọn èèyàn. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń ka gbólóhùn náà fún wọn láìfi ìgò hàn wọ́n, láìdárúkọ ọjà. Lẹ́yìn náà, mo máa ń bèèrè pé: ta ló ń sọ̀rọ̀, níbo ló wà, kí ló ń tà? Mi ò jẹ́ bèèrè bóyá ó dùn, nítorí èèyàn máa ń ní ó dùn kí inú rẹ lè dùn. Ìdáhùn sí "ta ló ń sọ̀rọ̀" dáa: àwọn kan ní ẹni tí nǹkan kì í mì ni, àwọn kan ní ẹni tó ń fi ẹnu sọ pé òun ti borí. Ìgbéraga díẹ̀ tí a ń wá ti wọlé. Àmọ́ ìdáhùn sí "kí ló ń tà" kò dọ́gba. Àwọn kan ní omi, àwọn kan ní ẹlẹ́rìndòdò, àwọn mélòó kan sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Inú ilé náà ni inú.

A ò yí ọ̀rọ̀ padà nítorí ìyẹn. Ohun tí a ṣe ni pé a fi ìró ṣíṣí ìgò ṣáájú lílé, kí etí ti mọ̀ pé ohun mímu la ń sọ kí "inú" tó dé. Nígbà tí a tún un dán wò pẹ̀lú ìró náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ amúlétutù mọ́. Lórí pátákó tí kò lè dún, àwòrán ẹni tó gbé ìgò sẹ́nu ló ń ṣe iṣẹ́ ìró yẹn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn kò gbọdọ̀ tẹ gbólóhùn náà sórí pátákó tí kò ní èèyàn nínú.

Ní ọ̀dọ̀ oníbàárà, ohun tó fẹ́ pa á ni ìtúmọ̀ àdápadà. Wọ́n máa ń ní kí ẹlòmíràn dá gbólóhùn padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Ohun tó padà dé iwájú wọn dàbí ìròyìn ojú ọjọ́: ìta ń gbóná, inú sì tutù gan-an. Wọ́n bèèrè ìdí tó fi gùn, ìdí tí a fi mẹ́nu kan ooru tí àwọn kò mẹ́nu kàn, àti bóyá a lè yọ "nini" kúrò, nítorí ẹni tó dá a padà ní kò ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, torí náà ìwé tí mo fi ránṣẹ́ ní òpó mẹ́ta: gbólóhùn náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ohun tó ń ṣe fún ẹni tó gbọ́ ọ. Nínú òpó kẹta ni mo ti ṣàlàyé pé ooru tó wà nínú tiwa ni "keep" tó wà nínú tiwọn, àti pé "nini" ni ibi tí ẹ̀rín músẹ́ náà wà. Yọ ọ́, kí o ka ohun tó kù sókè. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á di ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn.

Lórí gígùn, a gbà fún wọn díẹ̀. Ọrùn ìgò àti ìdérí kò lè gba gbogbo rẹ̀, nítorí náà "Inú tutù nini" àti "Sanyi a rai" nìkan ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, odindi rẹ̀ sì wà fún rédíò àti pátákó. Ẹni tó bá ti gbọ́ orin náà yóò fi ọkàn rẹ̀ parí apá tó kù. Ohun kan ṣoṣo tí a ò lè gbé dé ni "cool" ti ọmọ tó gbáfẹ́. Kò sí nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, kò sì sí nínú ti Haúsá. A gbé e lé ohùn àwọn tó máa sọ ọ́ lórí rédíò, mo sì kọ ọ́ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe pariwo "gbóná" rárá, bí ẹni tó rí ooru náà tí kò sì kà á sí.

Ìṣòro tí a kò tíì yanjú tán ni ti ìgbà òtútù. "Keep your cool" kò bèèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí. "Ìta gbóná" ń bèèrè. Tí ọyẹ́ bá dé, pátákó tó ń sọ pé ìta gbóná ti di irọ́, ní Haúsá sì rèé, "sanyi" náà ni orúkọ ìgbà òtútù fúnra rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí apá kejì nìkan kò lè dá dúró nígbà yẹn. Ohun tí èmi àti Hájíà dá lábàá ni pé kí wọ́n má yí ọ̀rọ̀ padà, kí wọ́n yí àwòrán padà: kí ooru kúrò lójú ọ̀run kó bọ́ sẹ́nu àwọn tó ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, tí ẹnìkan sì jókòó láàárín wọn pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Oníbàárà fẹ́ rí i kí wọ́n tó gbà, a sì ti ní kí ayàwòrán bẹ̀rẹ̀.